Ohùn Ní Gáàsì Ń Jò, Àwòrán Ń Ṣáná

Obìnrin kan wà nínú fídíò kan tó ń ṣáná sí sítóòfù gáàsì rẹ̀. Bó ṣe ń ṣáná lọ́wọ́ ni ohùn Yorùbá ń sọ pé, "Gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn." Fídíò ààbò ni o! Èmi ni mo kọ sìkírípíìtì rẹ̀, èmi náà ni mo jẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ tí mo fi ń di ẹ̀bi náà lé ògbufọ̀ lórí.

Ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ló gbé iṣẹ́ náà wá bá wa ní Ìyànà Ìpájà. Ẹni tó bá ń gbé Alímọ́ṣọ́ kò ní béèrè ìdí. Gáàsì tó búgbàù ní Bárúwà lóṣù kẹwàá ọdún 2020 pa èèyàn, ó sì ba ilé àti ṣọ́ọ̀bù jẹ́, ojú àwọn ará ìhín kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Fídíò tí wọ́n lè gbé lọ han àwọn olóúnjẹ àti àwọn tó ń ta gáàsì ní kílókíló ni wọ́n ń fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni kí a kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé àwọn ọ̀gá wọn ní láti buwọ́ lù ú, kí a wá gbé ohùn Yorùbá lé e, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún ibi tí ariwo bá ti pọ̀ jù. Àdéhùn là á mọ́lẹ̀ pé èdè méjì ni. Mo kà á, mo buwọ́ lù ú, mo sì ṣe bí ẹni pé Yorùbá jẹ́ ohun tí a máa rí àyè fún tó bá yá.

Ẹni tó ń fohùn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lábẹ́ àwòrán máa ń ka bí ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan, tí kò bá sáré tí kò sì fà á. Mo kọ ọ̀rọ̀ tèmi kún ìwọ̀n yẹn dé etí. Kò sí ibi tí ohùn ti sinmi. A wá gé àwòrán tẹ̀ lé ohùn, débi pé bí gbólóhùn kan bá ti parí báyìí, àwòrán rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nígbà tí mo wò ó tán, orí mi wú. Àwọn ọ̀gá náà fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n wò ó.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ló túmọ̀ rẹ̀. Ìwé nìkan ni mo gbé fún un, n kò fi fídíò hàn án. Ẹ jẹ́ kí n mú gbólóhùn kan níbẹ̀, èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá ni, ó sì gba sẹ́kọ́ǹdù márùn-ún: kí èèyàn fi omi ọṣẹ wo rọ́bà gáàsì bóyá ó ń jò. Ohun tí Ìyá kọ nìyí: "Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi kànrìnkàn pa á sára rọ́bà gáàsì láti orí dé ìdí. Bí ẹ bá rí i tí ó ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn." Yorùbá tó dán mọ́rán ni. Àmọ́ bí èèyàn bá kà á bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó máa tó sẹ́kọ́ǹdù mẹ́jọ. Sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta tó lé yẹn kò ríbi wọ̀. Ó wọnú àwòrán tó kàn, àwòrán tó kàn sì ni obìnrin tó ń ṣáná, nítorí pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, a ti yẹ rọ́bà wò tán, ó sì ti dára.

Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé èdè Yorùbá gùn, pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò rí àwòrán ni Ìyá, ó sì kọ ọ́ fún ẹni tí kò rí àwòrán. Ó sọ ohun tí wọ́n máa fi po ọṣẹ, ohun tí wọ́n máa fi pa á, ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí. Gbogbo ìyẹn ti wà lójú àwòrán: abọ́ omi ọṣẹ, kànrìnkàn, ọwọ́ tó ń tọ rọ́bà lọ. Nígbà tí mo padà lọ bá a pẹ̀lú fóònù, tí ó wò ó, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o ò fi èyí hàn mí tẹ́lẹ̀?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó mú bírò, ó kọ ọ́ lójú mi: "Ẹ fi omi ọṣẹ pa rọ́bà náà. Tó bá ń hó, gáàsì ń jò." Kò tó sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin. Ó kúrú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gé bẹ́ẹ̀ ṣá. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan tí àwọn olóúnjẹ wa kò lórúkọ fún, àlàyé ló máa dípò orúkọ, àlàyé kì í sì í kúrú. Afẹ́fẹ́ tó ní láti máa wọlé kó máa jáde ní ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ kan ni lọ́hùn-ún, gbólóhùn kan ni níhìn-ín. Nọ́ńbà náà ń kọ́? Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì l'Ékòó ni 112 àti 767. Ọmọ tó kọ́kọ́ bá wa ka Yorùbá náà sínú ẹ̀rọ fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n kà, ló bá ka ìkejì ní "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin." Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló máa tẹ ìyẹn sórí fóònù nígbà tí iná ń jó? "Méje, mẹ́fà, méje" ni a dá a padà sí. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà ni mo ń kọ ọ́, lẹ́tà dé lẹ́tà.

Kí n tó padà lọ bá Ìyá, mo ti gbìyànjú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Mo ní kí ẹ̀rọ mú kí ohùn Yorùbá náà sáré kó lè wọnú àyè tó wà. Olóhùn wa wá ń dún bíi kọndọ́kítọ̀ tó ń pe Ẹ̀gbẹ́dá-Ìdìmù-Ìkọ̀tún lábẹ́ bíríìjì, àmì ohùn sì ti wọnú ara wọn. Ohun tí ìyàwó mi gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ. A wá gbìyànjú láti fa àwòrán gùn, kí ọwọ́ obìnrin náà máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí mo ní kí a tún àwòrán náà gé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń bá wa gé fídíò sọ fún mi pé òun ti pa ohùn Gẹ̀ẹ́sì, orin àti ìró ilé ìdáná pọ̀ mọ́ra, òun sì ti pa fáìlì ìṣáájú rẹ́ nítorí àyè. Èmi ni mo sọ fún un pé kó fi àyè sílẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò láìyọ ìró ṣíbí àti ìró gáàsì pẹ̀lú rẹ̀. A ní láti tún àwọn ibi tó ṣe kókó yà. Owó oníkámẹ́rà, owó obìnrin náà, owó rọ́bà àti gáàsì, àpò mi ló ti jáde, ó sì lé ní ìdajì èrè tí mo rò pé mo jẹ.

Nígbà tí a ń tún un yà, ojú ìwé kan ni mo fa ìlà mẹ́rin sí: àwòrán, sẹ́kọ́ǹdù, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá. Mo kọ Yorùbá kí kámẹ́rà tó jáde nínú àpò rẹ̀, Ìyá kà á sókè, mo fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Ibi tí àwòrán bá jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù 12, Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ ju 8 lọ. Mo tún bẹ obìnrin náà pé bó bá ti ṣe nǹkan tán, kó má gbé ọwọ́ kúrò kíá, kó jẹ́ kí kámẹ́rà wo rọ́bà náà fún bíi sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta sí i. Ìrù àwòrán yẹn ló gbà wá. Bí Yorùbá bá gùn, ó ní ibi tó máa wọ̀. Bí kò bá gùn, a gé ìrù náà. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì kò gbọdọ̀ wà ní ìparí gbólóhùn mọ́, ìparí ló máa ń ṣubú sínú àwòrán ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ní ìṣirò tirẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ń lò ni lẹ́tà 42 lórí ìlà kan, ìlà méjì péré, kí ojú má sì ní ju lẹ́tà 17 lọ láti kà ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Àlàfo náà wà nínú kíkà. Sẹ́kọ́ǹdù márùn-ún gba 85 nígbà náà. Gbólóhùn tí Ìyá kọ́kọ́ kọ jẹ́ 119. Èyí tó kọ lẹ́yìn jẹ́ 48, ó sì wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn:

```
14
00:01:12,000 --> 00:01:17,000
Ẹ fi omi ọṣẹ pa rọ́bà náà.
Tó bá ń hó, gáàsì ń jò.
```

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà láti ka lẹ́tà yín. Lẹ́tà tó bá ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, bíi ti inú "rọ́bà", méjì ni ó jẹ́ lójú ẹ̀rọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń pariwo pé ìlà ti gùn nígbà tí kò gùn. Àwọn ìlà náà sì gbọdọ̀ jìnnà síra díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ìsàlẹ̀ ti ìlà òkè á kọ lu àmì òkè ti ìlà ìsàlẹ̀, á sì di rúdurùdu lójú ẹni tó ń wò ó lórí fóònù kékeré.

Ibì kan wà tí n kò rí tún ṣe. Panápaná kan bá wa sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọjú sí kámẹ́rà, kò sinmi, a kò sì ya ohun mìíràn tí a lè fi bo ojú rẹ̀ bí ohùn Yorùbá bá ń bá a lọ lẹ́yìn tó ti pa ẹnu dé. A kò lè pè é padà mọ́, wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Ohùn Yorùbá ibẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, a gé ìdajì ohun tó sọ, ẹnu rẹ̀ sì ṣì ń rìn nígbà tí ohùn ti dákẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Bí a ṣe pa kámẹ́rà báyìí, Yorùbá ló fi ń bá wa ṣàwàdà nípa ìyàwó rẹ̀ àti sílíńdà, n kò sì rántí pé mo lè bẹ̀ ẹ́ kó tún gbogbo rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan sí i bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn.