Àlejò Kọ́ Ni Olè: Ohun Tí Ìkìlọ̀ Aṣàwákiri Ń Sọ Gan-an

Olóòtú ìwé kan wà ní Ìbàdàn tí ó ti lo ohun tó lé ní 30 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ títún ìwé Yorùbá ṣe. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ìwé àfọwọ́kọ àwọn òǹkọ̀wé mọ́kànlá wà. Méjì nínú wọn ti di olóògbé, kò sì sí ẹ̀dà iṣẹ́ wọn níbòmíràn. Nígbà tí ó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ètò kékeré tí ó fi ń tẹ àmì ohùn àti àwọn lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ kò bá a dé orí èyí tuntun. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò àwọn lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé sì ń retí iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin sí i.

Ó wá orúkọ ètò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ èsì àkọ́kọ́ tí ó rí, ó sì ní kí Edge gba fáìlì náà wọlé. Edge dá a dúró. Ohun tí ó kọ síwájú rẹ̀ ni pé "YorubaKbd-setup.exe isn't commonly downloaded. Make sure you trust YorubaKbd-setup.exe before you open it." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kì í sábà gba fáìlì yìí, kí ó sì rí i dájú pé ó fọkàn tán an kí ó tó ṣí i.

Nǹkan méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á bẹ̀rù, wọ́n á pa fáìlì náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á ní aṣàwákiri kàn ń yọ wọ́n lẹ́nu ni, wọ́n á sì tẹ gbogbo bọ́tìnnì tí yóò jẹ́ kí fáìlì náà kọjá. Àwọn méjèèjì ti dáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ìbéèrè. Olóòtú náà kò ṣe èyíkéyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ọ̀rọ̀ bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́ gan-an, nítorí náà ó tún gbólóhùn náà kà. Ó ṣàkíyèsí pé kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé fáìlì náà burú.

Ẹ jẹ́ kí a fi máígádì ẹnu ọ̀nà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá wọlé wá wí pé, "Olè tí wọ́n mú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dúró sí ẹnu géètì," ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Bí ó bá sì wí pé, "N kò rí ọkùnrin yìí rí," ohun tí kò mọ̀ ni ó ń sọ. Aṣàwákiri náà ní irú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Láti ọdún 2024 ni Chrome ti pín ìkìlọ̀ tirẹ̀ sí ìpele méjì kedere: "Suspicious" ni fún fáìlì tí ó ń fura sí, "Dangerous" sì ni fún èyí tí ó dá a lójú pé ó léwu. Ẹni tí ó bá rí "Dangerous" tàbí ọ̀rọ̀ tó dárúkọ kòkòrò kọ̀ǹpútà kò ní ìdí láti máa bá a jiyàn. "Isn't commonly downloaded" ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ máígádì tí kò rí àlejò náà rí.

Báwo ni fáìlì ṣe ń di ẹni mímọ̀? Ọ̀nà méjì pàtàkì ni. Èkíní ni iye àwọn tí wọ́n ti gba fáìlì náà gan-an láìsí láburú. Bí ẹni tó ṣe é bá yí lẹ́tà kan péré padà nínú rẹ̀, ó ti di fáìlì mìíràn, kíkà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èkejì ni ìbuwọ́lùwé: ẹni tó ṣe ètò lè fi ìwé ẹ̀rí ọlọ́dọọdún bu ọwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, kí orúkọ rere tó ti ní tẹ́lẹ̀ lè máa tẹ̀ lé iṣẹ́ tuntun. Owó gidi ni wọ́n ń fi ra ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kì í sábà rà á. Nítorí náà, ohun tí a bá ṣe fún èdè wa, tí ìwọ̀nba ènìyàn ń lò, yóò máa bá ìkìlọ̀ yìí pàdé léraléra bí ọwọ́ ẹni tó ṣe é tilẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìkan kọ́ ni ẹni àìmọ̀. Olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fáìlì burúkú rẹ̀ ní àná pẹ̀lú jẹ́ ẹni àìmọ̀. Ìkìlọ̀ náà kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lo fáìlì ni ìyókù wà.

Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé tí olóòtú náà ń bá ṣiṣẹ́ mọ ẹni tó ṣe kíbọ́ọ̀dù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Òṣogbo. Ó fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ bi í lẹ́yìn tó kí i tán.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ ti gbà á?"

Ó ka àdírẹ́sì ìkànnì náà fún un. Ìkànnì akóètòjọ kan ni, tí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kún ojú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé bí ètò agbógunti-kòkòrò bá pariwo, kí a pa á ná.

"Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀, mà. Orí GitHub nìkan ni tèmi wà. Kò sì sí ìdí tí kíbọ́ọ̀dù fi máa ní kí ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ yín."

Ó lọ sí ojú ewé tí ọmọkùnrin náà júwe, ó sì gba fáìlì kejì. Orúkọ kan náà ni ó ń jẹ́, ìkìlọ̀ kan náà ni Edge sì gbé jáde, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọkùnrin náà ní kí ó tẹ "Keep" fún àwọn méjèèjì, kí ó má sì ṣí èyíkéyìí. Olóòtú náà kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà ṣá: kí fáìlì kàn wà nínú kọ̀ǹpútà kò tíì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ṣíṣí i ni ewu wà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yẹ ìtẹ̀ka àwọn fáìlì náà wò. Bí ènìyàn ṣe ní ìtẹ̀ka tí kò bá ti ẹlòmíràn mu, bẹ́ẹ̀ ni a lè ṣírò àmì kan láti inú fáìlì, tí wọ́n ń pè ní SHA-256. Ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, bí ohunkóhun bá sì yí padà nínú fáìlì, àmì náà yóò yàtọ̀ pátápátá. Lórí Windows, PowerShell ni a ń ṣí, a ó lọ sí àpò tí fáìlì wà, a ó sì tẹ èyí:

```
Get-FileHash .\YorubaKbd-setup.exe
```

Nítorí pé orúkọ kan náà ni àwọn fáìlì méjèèjì ń jẹ́, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Àmì ti ìkànnì akóètòjọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9F2C, ti GitHub sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 41B7. Orí fóònù ni ọmọkùnrin náà ti ka ìtẹ̀ka fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún un, olóòtú náà sì ń fi ìka tọ ọ́ bí ìgbà tí ó ń yẹ àṣìṣe ìtẹ̀wé wò. Ti GitHub bára mu látòkèdélẹ̀. Ó ní ìdí tí fóònù fi dára ju kíka àmì láti ojú ewé kan náà lọ. Ẹni tó bá jí kọ́kọ́rọ́ ojú ewé lè pààrọ̀ fáìlì, kí ó sì pààrọ̀ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò rọrùn fún un láti pààrọ̀ ohùn ẹni tó ṣe é.

Ó tún lẹ àwọn àmì náà mọ́ àpótí ìwádìí VirusTotal lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkànnì yìí ń kó èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò agbógunti-kòkòrò jọ sójú kan, àmì nìkan ni a sì nílò láti bi í, a kò ní láti fi fáìlì ránṣẹ́. Ti ìkànnì akóètòjọ ti wà níbẹ̀: ètò mẹ́sàn-án pè é ní olè, púpọ̀ nínú wọn sì sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú aṣàwákiri ni ó ń jí. Ti GitHub kò sí níbẹ̀ rárá. Olóòtú náà kò ka èyí sí ìwé ẹ̀rí ìwà rere, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò ni a kì í rí. Ìtẹ̀ka tó bá ti ẹni tó ṣe é mu ni ó gbára lé.

Ìtẹ̀ka pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ń fi hàn pé ohun tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò lè sọ bóyá ọwọ́ náà mọ́. Ní ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ inú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe CCleaner, wọ́n sì fi ètò burúkú sínú ẹ̀dà 5.33 kí ó tó jáde. Ó ní ìbuwọ́lùwé tòótọ́, orí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà gan-an ni ó wà, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù 2 kí àṣírí tó tú ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni mímọ̀ ni. Bí ìkìlọ̀ kò ṣe jẹ́ ẹ̀rí pé fáìlì burú, bẹ́ẹ̀ ni àìsí ìkìlọ̀ kò jẹ́ ẹ̀rí pé ó dára.

Nítorí ìdí yìí, olóòtú náà kọ́kọ́ da gbogbo ìwé àfọwọ́kọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí háàdì kékeré kan, ó yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó pa fáìlì 9F2C rẹ́. Ó wá ṣí 41B7. Windows tún béèrè ní tirẹ̀, ó kọ "Unknown publisher" síbi tí orúkọ ẹni tó ṣe é yẹ kí ó wà. Kò ya olóòtú náà lẹ́nu mọ́. Ó ti mọ ìdí tí ibẹ̀ fi ṣófo, ó sì ti bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tẹ "Run anyway". Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti tún orí kejì ìwé náà ṣe tán, gbogbo àmì ohùn sì wà níbi tó yẹ wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin Òṣogbo náà gbé ẹ̀dà tuntun jáde, kíkà rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní ìsàlẹ̀ bọ́tìnnì rẹ̀ lórí GitHub, ó ti kọ ìlà kan kún un: "Aṣàwákiri yín yóò sọ pé òun kò mọ fáìlì yìí. Òótọ́ ló sọ. Ẹ yẹ ìtẹ̀ka rẹ̀ wò kí ẹ tó ṣí i."