"Forty" Kò Ní "U" Nínú O!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ o! Télọ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní kí ọmọ iṣẹ́ òun tún rìsíìtì kọ, torí ó kọ "fourty thousand" síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣebí inú 'four' ló ti wá?"

Inú rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n "four" àti "fourteen" ló ní "u", "forty" kò ní in. Bí omi bá pa ìparí "fourty" rẹ́, "fourt" ló kù: ṣé 14 ni àbí 40? Ti ṣẹ́ẹ̀kì tún le jù: bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà bá takora, iye tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ ni òfin Nàìjíríà tẹ̀ lé.

"Nine", "nineteen" àti "ninety" ní "e". "Ninth" ló gbé tiẹ̀ sọnù. Ẹni tí kò bá dá lójú, kó kọ "9th" sí déètì rẹ̀.