Ẹ Kọ Ọ́ Sí Etí Ìwé Eré Kí Ẹ Tó Gbé Fóònù

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìbòkun ń bi wá pé báwo lẹni kan ṣoṣo ṣe lè fi fóònù kan ya ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀. Inú ìwé eré ni ìdáhùn wà.

A ti ṣe àṣìṣe ẹ̀ rí. Ìyá àti ọmọ ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbólóhùn 8 péré. À ń gbé fóònù kiri lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ká tó parí, oòrùn ti yí: ojú ìyá mọ́lẹ̀, ti ọmọ ṣókùnkùn. Ìpè tún wọlé láàárín, ó da iṣẹ́ rú. La bá tún gbogbo ẹ̀ yà.

Lẹ́ẹ̀kejì, a kọ èyí sí etí ìwé:

"Airplane mode. Ìyá nìkan, gbólóhùn 1 dé 8 láìdúró. Fóònù wà lẹ́yìn èjìká ọ̀tún ọmọ. Ìyá ń wo òsì."

"Ọmọ nìkan, 1 dé 8. Fóònù wà lẹ́yìn èjìká òsì ìyá; ọmọ ń wo ọ̀tún."

Ẹ kíyè sí èjìká yẹn o. Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù sẹ́yìn èjìká ọ̀tún àwọn méjèèjì, òsì làwọn méjèèjì máa wò, á wá dà bíi pé ẹnì kẹta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la gbé fóònù kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ ò rí àyè yí mọ́.