Bébà Tó Ń Fì Lẹ́nu Kọ́bọ́ọ̀dù

Fíúùmù kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kọ́kọ́ lò nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàbù kò ní fáànù. Igi àti dígí ni wọ́n fi kàn án, páìpù rẹ̀ sì gba inú ògiri yọ sókè òrùlé. Iná gáàsì kékeré kan wà nísàlẹ̀ páìpù náà. Bí a bá tàn án, afẹ́fẹ́ inú páìpù á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè lọ, èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù á sì máa tẹ̀ lé e. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní láàbù àwọn òyìnbó kí fáànù oníná mànàmáná tó dé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí a gbé ìgò kankan jáde títí páìpù yóò fi gbóná, torí páìpù tútù kì í fa nǹkan kan.

Nígbà tó yá, fáànù gba ipò iná gáàsì. Ó dára, torí kò sí iná mọ́ nítòsí ohun tó lè gbiná. Ṣùgbọ́n ariwo fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í tan àwọn ènìyàn jẹ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a wọlé sáà tuntun, a sì fẹ́ ṣe pirátíkà amóníà. Mo tan ẹ̀rọ, fáànù ń ké bí ó ti máa ń ké. Mo so bébà ìnujú tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ sẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù, kò mira. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, “Ọ̀gá, fáànù ń ṣiṣẹ́ kẹ̀, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?” Mo ní kó wo bébà. Nígbà tí a gun òkè òrùlé, ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ dí ẹnu páìpù. Ká ní a ti tẹ̀ síwájú ni, ojú àwọn ọmọ yẹn ni gáàsì ìbá padà sí. Ọjọ́ kejì tí a ti kó ìtẹ́ kúrò, bébà náà fì wọnú gbọọrọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lẹ ìkìlọ̀ yìí mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù bí pirátíkà amóníà bá ku ọ̀la:

“Ẹ wo bébà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá fì wọnú, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa dígí wálẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ nìkan lè gbà wọlé, kí ojú yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wọ gọ́gùsì. Bí iná bá lọ, ẹ pa bọ́nà, ẹ fa dígí wálẹ̀ pátápátá, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín sì jáde.”

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni bébà ń ṣe nígbà tí imú wà. Òótọ́ ni pé imú tètè máa ń gbọ́ òórùn amóníà, ṣùgbọ́n bí a bá pẹ́ nínú rẹ̀, òórùn náà á mọ́ imú lára, a ò sì ní mọ̀ bí ó bá ń pọ̀ sí i. Nítorí náà ni mi ò ṣe ń gbà kí ọmọ kankan gbóòórùn ẹnu túùbù tí wọ́n ti ń fi ẹfun tútù gbóná pẹ̀lú iyọ̀ amóníọ̀mù. Bébà lítímọ́ọ̀sì pupa tí a rẹ sómi tó bá di búlúù ti fi hàn pé gáàsì náà ti dé.

Ìgò amóníà líle gan-an, èyí tí wọ́n kọ 0.880 sí lára, kì í dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nǹkan bí ìdá márùn-dín-lógójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni amóníà. Ooru ilẹ̀ wa máa ń mú kí gáàsì kóra jọ lábẹ́ ìdérí, kó sì tú jáde lójijì bí a bá ṣí i. Inú omi tútù ni mo máa ń gbé e sí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá tú ìdérí díẹ̀díẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí fáànù ti ń fà. Màá da nǹkan bí 110 cm³ sínú omi, màá wá fi omi kún un di lítà kan. Èyí jẹ́ 2 M, òun náà ni mo máa ń pín fún wọn.

Omi ẹ̀rọ kì í ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé níbi tí mo wà. Nítorí náà, gálọ́ọ̀nù ńlá kan tó ní ẹnu ẹ̀rọ máa ń wà lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù, omi mímọ́ ló kún inú rẹ̀, èmi fúnra mi sì ni mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ pirátíkà. Bí amóníà bá ta sí ọmọ kan lójú, a ó la ìpéǹpéjú rẹ̀ sábẹ́ omi yẹn fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, bó ti wù kó máa sunkún tó, torí amóníà kì í dúró lójú lásán, ńṣe ló máa ń wọ inú ẹyinjú lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó tó gbé e lọ sí ọsibítù.