Ajá Tó Ń Gbóòórùn Ẹrù Kì Í Jẹ Igbó O

Àwa tí à ń kó ọjà láti Èkó wá sí Ogbete, a máa ń sọ láàárín ara wa pé igbó ni àjọ NDLEA fi ń bọ́ ajá wọn, pé òun ló ń yán an tó fi ń wá a kiri. Irọ́ ni. Bí ajá bá jẹ oògùn olóró, ó lè kú.

Bọ́ọ̀lù ni ajá yẹn ń wá. Èyí tí kò lè rí bọ́ọ̀lù kó má sáré tẹ̀ lé e ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n á fi oògùn díẹ̀ sínú agolo tó ní ihò, wọ́n á tò ó mọ́ àwọn agolo òfìfo. Bí ajá bá ti fi imú kan èyí tó ní òórùn, bọ́ọ̀lù dé lójú ẹsẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá pẹ́ díẹ̀, ajá kò ní mọ ohun tó ṣe tó fi gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ́ ọ kó máa jókòó jẹ́ẹ́ síwájú ohun tó rí.

Wọ́n á tún fi ọ̀rá òfìfo, ìbọ̀wọ́ àti oúnjẹ sínú àwọn agolo yòókù. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òórùn ọ̀rá tàbí ọwọ́ olùkọ́ ni ajá máa kọ́, kì í ṣe ti oògùn.

Kí ló dé tó fi ju ẹ̀rọ lọ? Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹrù, àwòrán ló ń rí, kì í gbóòórùn. Èyí tó ń yẹ òórùn wò, èèyàn gbọ́dọ̀ fi aṣọ nu àpò kọ̀ọ̀kan fún un. Ajá ń rìn láàárín ẹrù, ó ń fínmú bí ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń tẹ̀ lé òórùn dé ibi tó ti le jù. Àwa a máa gbóòórùn ọbẹ̀ lódindi, òun a máa ya irú sọ́tọ̀, a ya ata sọ́tọ̀.

Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Bí oòrùn bá mú tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, imú rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tó tún burú ni pé ó ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ìwádìí kan jáde láti Kalifọ́níà ní 2011: wọ́n sọ fún àwọn 18 tó ń da ajá pé òórùn wà níbì kan, wọ́n sì lẹ bébà pupa mọ́ àwọn ibi kan bíi pé ibẹ̀ ló wà. Kò sí òórùn tí wọ́n kọ́ àwọn ajá láti wá níbẹ̀ rárá. Nínú 144 ìgbà tí wọ́n wọlé, 21 péré ni wọn ò sọ pé ajá rí nǹkan. Ibi bébà pupa ni wọ́n sì ti sọ ọ́ jù. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí ẹlòmíràn gbé oògùn pamọ́, kí ẹni tó ń da ajá má mọ ibi tó wà.

Nítorí náà, bí ajá bá jókòó síwájú ẹrù wa, kò tíì túmọ̀ sí pé a jẹ̀bi. Òórùn lè wà lára àpò tí ẹlòmíràn ti lò rí. Ká ní kí wọ́n tú u lójú wa. Àpò tókúnbọ̀ tí a ò mọ ohun tó ti gbé rí, ká má fi dì ọjà.