Ẹ̀pà Yíyan fún Ilé Tí Kì Í Jẹ Iyọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yan ẹ̀pà nílé ló máa ń da iyọ̀ sínú agbada kó tó da ẹ̀pà lé e. Àwọn tó ń yan án tà ní Nàìjíríà a sì máa lo iyanrìn. Kì í ṣe torí adùn nìkan. Iyọ̀ tàbí iyanrìn gbígbóná máa ń bo ẹ̀pà yíká, ooru á sì kàn án níhà gbogbo, dípò kó máa jó ibi kan ṣoṣo tó fara kan irin. Ṣùgbọ́n iyọ̀ jẹ́ èèwọ̀ Ọbàtálá, bí a bá sì gbọn ẹ̀pà títí, díẹ̀ nínú iyọ̀ náà yóò ṣì kù lára rẹ̀. Iyanrìn tó mọ́ kò sì rọrùn láti rí fún ẹni tó ń gbé ilé alájà ní ìlú òyìnbó. Nítorí náà, inú páànù lásán ni mo ti ń yan ẹ̀pà tí a ń pín fún àwọn ọmọdé nílé wa lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Òrìṣà. Iṣẹ́ tí iyọ̀ ì bá ṣe, ọwọ́ ni yóò ṣe é.

Ìdajì kílò ẹ̀pà tútù, eléèpo pupa, ni mo máa ń lò. Mo kọ́kọ́ ń ṣà á. Èyí tó bu tàbí tó rún, mo sọ ọ́ nù, torí pé májèlé inú ẹ̀pà tó bu kì í bá iná lọ tán. Èyí tó kéré jù, mo yà á sọ́tọ̀, torí òun ló máa ń jóná kí àwọn yòókù tó jinná. Lẹ́yìn náà, mo fi omi tútù ṣàn án kíákíá, mo sẹ́ ẹ, mo sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan, títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Èèpo á ti mu omi díẹ̀. Bí iná bá gbẹ omi náà, èèpo á sán, á sì ṣí kúrò lára ọmọ ẹ̀pà.

Páànù mi nípọn nídìí, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń yan ìdajì kílò náà nínú rẹ̀, kí ẹ̀pà má baà gun ara wọn lórí. Iná rẹ̀ kì í pọ̀. Mo fi ṣíbí onígi ń rò ó láìdúró, mo ń kó ti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, mo ń ti tàárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń lo iná mànàmáná ní láti rántí pé bí a bá tilẹ̀ dín in kù, irin ìdáná kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀pà bá fẹ́ jó, ẹ gbé páànù kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ẹ̀pà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà. Èèpo kì í jẹ́ ká rí àwọ̀ inú, nítorí náà mo ń mú mẹ́ta níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo bó o, mo sì là á sí méjì. Bí inú bá ṣì funfun tó tutù, tó ń rùn bí ẹ̀wà tútù, kò tíì jinná. Bí ó bá ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mo dà á sórí atẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá rí bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, torí ooru inú rẹ̀ yóò ṣì máa sè é lórí atẹ. Èyí tó pọ́n tán nínú páànù á korò. Ẹ má sì fi rírọ̀ dá a mọ̀: gbogbo ẹ̀pà gbígbóná ló máa ń rọ̀. Bí ó bá tutù tán tó ṣì rọ̀, ẹ dá a padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ara bá dúdú tí inú sì tútù, iná ló pọ̀ jù, ìyẹn kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó bó o. Ẹ̀pà gbígbóná á kàn máa là sí méjì ni, èèpo á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ń dì í sínú aṣọ, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, lẹ́yìn náà mo gbé e jáde síta, mo fi atẹ fẹ́ ẹ kí atẹ́gùn lè kó èèpo lọ. Bí kò bá sí atẹ́gùn, abẹ̀bẹ̀ á ṣe é. Èyí tí èèpo rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí, kò gbẹ tó ni.

Kí a tó pín in, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan bóyá ara ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀pà. Àwọn ọmọ kan wà tí hóró kan ṣoṣo lè dí wọn ní èémí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀pà jẹ́ èèwọ̀ tirẹ̀, bí iyọ̀ ti jẹ́ èèwọ̀ Òrìṣà. Àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, mo ń lọ tiwọn kúnná, kí odindi má baà há wọn lọ́fun.