Ọ̀rọ̀ Lọ́tọ̀, Àwòrán Lọ́tọ̀

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tó bá ń fi àwòrán àtijọ́ ṣe fíìmù ìtàn ní láti bẹ̀rù òwe yìí díẹ̀, nítorí pé ohun tó ń gbé síwájú òǹwòran jọ àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ni. Òǹwòran ń rí òpópónà, ó ń rí ọkọ̀ àti èrò, ó ń gbọ́ ohùn tó ń sọ pé “Ìbàdàn rèé ní 1959”, ó sì gbà pé ojú òun gan-an ló rí 1959. Àwòrán náà lè jẹ́ ojúlówó. Gbólóhùn náà lè jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, bí a bá gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, ohun tí yóò jáde lè jẹ́ irọ́.

Èyí ni ohun tó gba àkókò wa jù nínú iṣẹ́ àṣeparí tí àwa mẹ́rin jọ ṣe. Fíìmù oníṣẹ́jú 12 ni, ní èdè Yorùbá, lórí ìbẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣàn ní Ìbàdàn. A mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé níbi ìpéjọpọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka wa ni wọn yóò ti wò ó, àti pé àwọn tí òbí wọn gbé Ìbàdàn nígbà náà yóò jókòó síbẹ̀. Irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ kò ní dákẹ́ bí a bá fi ilé ọdún yìí sí ìgboro ọdún yẹn.

Kí á tó gé àwòrán kankan, a ya tábìlì kan sórí kọ̀ǹpútà. Òpó mẹ́ta ló ní. Òpó kìíní ni gbólóhùn tí asọ̀tàn yóò sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Òpó kejì ni àwòrán tí yóò wà lójú ìwòran nígbà tí ó bá ń sọ ọ́. Òpó kẹta ni ẹ̀rí. Ìbéèrè méjì la ní láti dáhùn nínú òpó kẹta yìí: ṣé òótọ́ ni gbólóhùn yìí? Ṣé òótọ́ ni nípa àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Fáìlì tí a bá rí, a kì í fọwọ́ kan ojúlówó rẹ̀. A máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì fún ẹ̀dà náà ní orúkọ tó ń sọ ohun tí a mọ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fẹ́.

Fáìlì keje ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ. Fíìmù dúdú-òun-funfun oníṣẹ́jú àáyá 38 ni. Ẹni tó gbé e sí orí ẹ̀rọ ayélujára kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n ṣí WNTV ló jẹ́. Gbogbo wa fẹ́ràn rẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, obìnrin kan gbé igbá kọjá, ọmọdé kan yíjú sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín. Ibi tí fíìmù wa yóò ti bẹ̀rẹ̀ la fi í sí. Asọ̀tàn wa máa ń sọ nǹkan bí 110 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá 38 yẹn gba nǹkan bí 70 ọ̀rọ̀, ìyẹn odidi ìfáàrà wa.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a dá a dúró lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, a sì ń wo ẹ̀yìn, kì í ṣe iwájú. Iwájú ni ayàwòrán ń darí. Ohun tó wà lẹ́yìn kò sí lọ́kàn rẹ̀, òun ló sì máa ń jẹ́rìí. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21, lókè òrùlé páànù, ilé gogoro kan yọ orí. Kòkó Háòsì ni, ní Dùgbẹ̀. 1965 ni wọ́n ṣí Kòkó Háòsì. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí bí ilé náà ṣe lè dúró gbọn-in ní ọjọ́ tí wọn kò tíì kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fíìmù náà ti wó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n wá yà á? A wo ọkọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà bí àwọn ará Bìrìtìkó ṣe fi í lélẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìjọba yí i padà sí ọ̀tún. Nípa èyí, ó jọ pé ẹ̀yìn 1972 ni wọ́n ya fíìmù náà. Ọ̀kan nínú wa ní kí á dúró ná, kí á wo pátákó ìta ìsọ̀ kan tó wà ní igun. Lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú, bí ìgbà tí ènìyàn wo ìwé nínú dígí. Àwọn kan tó ń gbé fíìmù onífíìmù sórí ayélujára máa ń yí i sódì báyìí kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ má baà dá a mọ̀. Nígbà tí a yí i padà, lẹ́tà náà tọ́, àwọn ọkọ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ òsì.

Nítorí náà, a ní ẹnu ọ̀nà méjì: Kòkó Háòsì ti wà, ọkọ̀ kò tíì bọ́ sí ọ̀tún. A kọ `F07_ibadan_1965-1972.mp4` gẹ́gẹ́ bí orúkọ fáìlì náà. Kò ṣe pàtó bí ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rí gbé ni. Àsíá kò lè ràn wá lọ́wọ́ ní irú iṣẹ́ yìí, nítorí ewé, funfun, ewé ni: bí ẹ yí i sódì, bákan náà ni yóò rí.

Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí á gbé e kúrò níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa to àwòrán kọ̀. Ó ní àwa ò sáà fẹnu sọ pé ọjọ́ ìṣílé ni, a kàn fẹ́ fi í ṣe ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni. Ìdáhùn mi ni pé òǹwòran kò mọ “ẹ̀yìn ọ̀rọ̀” yàtọ̀. Tí asọ̀tàn bá dárúkọ ọjọ́ kan, ohun tó wà lójú ìwòran di ti ọjọ́ náà. A fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ méjì. Níkẹyìn, a gbé fáìlì keje lọ sí apá tó sọ̀rọ̀ nípa ìgboro lẹ́yìn òmìnira, a sì kọ ọ́ sójú ìwòran pé “Ìbàdàn, láàrin 1965 sí 1972”. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, a kò ní àwòrán tó ń rìn tó jẹ́ ti ọjọ́ náà. Láyé ìgbà náà, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò tẹlifíṣàn ń lọ sí afẹ́fẹ́. Téèpù wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé sì ń pa èyí tí wọ́n ti lò rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. A fi ojú ìwòran dúdú, ọjọ́ tí a kọ sí i, àti ohùn asọ̀tàn nìkan bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn tí ohùn náà kọ́kọ́ ní láti sọ ni pé WNTV ni tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. A rí i káàkiri. Nígbà tí a tò wọ́n sínú tábìlì, a rí i pé ojú ewé mọ́kànlá ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́, kódà ìdánudúró kan náà. Ẹlẹ́rìí mọ́kànlá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan ni. A wá lọ wo ìtàn tẹlifíṣàn láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní Mòrókò, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ TELMA ti bẹ̀rẹ̀ ní Kásábláńkà ní 1954, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ní Àlùjẹ́ríà, lábẹ́ àwọn Faransé, tẹlifíṣàn ti wà ní 1956.

Kí ni kí á wá ṣe sí gbólóhùn náà? Bí a bá pa á rẹ́ pátápátá, a pa òtítọ́ mìíràn rẹ́, nítorí pé WNTV fúnra rẹ̀ ló ń fi “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” júwe ara rẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn sì ń fi í yangàn. Ohun tí asọ̀tàn sọ níkẹyìn rèé: “Tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni wọ́n ń pe ara wọn. Mòrókò àti Àlùjẹ́ríà ti ṣáájú, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn.” Orúkọ náà dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ, ìtàn náà sì dúró gẹ́gẹ́ bí ìtàn.

Kòkó Háòsì tún padà yọ nígbà tí a ń gba ohùn àwọn àgbà. Bàbá kan tó ti ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ rí sọ fún wa pé ní ọjọ́ tí tẹlifíṣàn kọ́kọ́ dé, abẹ́ Kòkó Háòsì ni òun dúró sí tí òun ń wò ó lójú fèrèsé ìsọ̀ kan. A kò já bàbá nírọ́. Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ẹ ti bí nígbà náà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Àkọ́bí mi ti ń rìn. 1966 ni mo bí i.”

“Ẹ ṣé sà. Àwọn ìwé sọ pé 1959 ni tẹlifíṣàn dé.”

“Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ tèmi ni mo ń sọ. Ta ló ra tẹlifíṣàn fún mi ní 1959?”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí wúlò fún wa ju déètì lọ. Ó fi hàn pé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ṣílẹ̀kùn yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé ojú ẹni tí kò lówó tí yóò fi rà á. Ohùn bàbá la gbé lé fáìlì keje lórí, níbi tí Kòkó Háòsì ti ń yọ orí lókè òrùlé, nítorí pé ìgbà tí bàbá ń sọ bọ́ sáàárín ọdún tí a kọ sójú ìwòran.

Ní ọjọ́ ìwòran, akẹ́kọ̀ọ́jáde kan dìde, ó bèèrè bí a ṣe mọ̀ pé àwòrán èrò yẹn kì í ṣe ti 1959, nítorí pé òun ti rí i níbòmíràn pẹ̀lú déètì náà. A ṣí tábìlì sójú ògiri, a lọ sí ìlà keje. Wọ́n wo ilé gogoro náà, wọ́n wo pátákó tí a yí padà, wọ́n wo ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní kí á fi tábìlì náà ránṣẹ́ sí àwọn, pẹ̀lú fíìmù.